Résístọ̀ Tí Kò Sí Nínú Àwòrán Rédíò Aláìníbátìrì

Tí ẹ bá wá àwòrán rédíò tí kò lo bátìrì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lónìí, ohun tí ẹ máa rí kò ju nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ: wáyà eríà, kóìlì kan, kapásítọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí láti wá ilé-iṣẹ́ rédíò, dáyóòdù kan, àti íápíìsì. Lábẹ́ àwòrán náà, wọ́n á kọ ọ́ pé dáyóòdù máa gé ìdajì ìgbì dànù, ohùn á sì jáde. Ó parí. Ẹ lọ tò ó.

Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbólóhùn yẹn fò kọjá ibi tí iṣẹ́ wà gan-an, àwòrán náà sì máa ń ṣàìní ẹ̀yà kan tí owó rẹ̀ ò tó owó píọ̀wọ́tà. Torí ẹ̀yà kan yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣe ń to rédíò yìí, tí wọ́n ń fetí sí i, tí wọn ò gbọ́ nǹkan gidi, tí wọ́n á sì gbà pé àwọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Résístọ̀ ni ẹ̀yà náà. Ní tèmi, ẹni tó bá ya rédíò aláìníbátìrì tó ní íápíìsì òde òní nínú, tí kò ya résístọ̀ sí i, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbì fúnra rẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan wà tó ń lo ìgbì tó ń lọ sókè-sódò ní mílíọ̀nù kan ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìgbì aláàárù ni mo máa ń pè é, torí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ru ohùn dé ọ̀dọ̀ wa lọ. Etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ. Ohùn tiwa ń gbọ̀n lọ́ra gan-an ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀: ká ní ẹnì kan súfèé, tí ìfé náà gbọ̀n ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú AM, ohun tí ilé-iṣẹ́ rédíò ń ṣe ni pé wọ́n á jẹ́ kí ìfé yìí máa yí gíga ìgbì aláàárù padà. Bí ìfé bá lọ sókè, ìgbì aláàárù á ga sí i. Bí ìfé bá sọ̀ kalẹ̀, aláàárù náà á kúrú. Ká ní gíga rẹ̀ jẹ́ fólítì 1 nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Tí ìfé wa bá lágbára dáadáa, gíga yẹn lè máa rìn láàárín 1.8 àti 0.2. Tí ẹ bá fi pẹ́ńsù fa ìlà kan gba orí gbogbo ìgbì yẹn kọjá, ìlà náà ni àwòrán ìfé gan-an. Ìlà orí ni màá máa pè é. Òun ni a fẹ́ gbà sílẹ̀.

Kí ló dé tí a ò kàn so íápíìsì mọ́ kóìlì, ká gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ẹ tún wo ìgbì náà. Bó ṣe ga sókè tó ni ó ṣe jìn sísàlẹ̀ tó. Nígbà tí orí bá wà ní 1.8, ìsàlẹ̀ náà á wà ní −1.8. Íápíìsì ò lè gbọ̀n ní mílíọ̀nù kan ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìwọ̀n àárín ohun tó dé bá a nìkan ló lè tẹ̀lé, ìwọ̀n àárín yẹn sì jẹ́ òdo ní gbogbo ìgbà, ì báà jẹ́ pé ẹnì kan ń pariwo níbẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ti pa ara wọn rẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo dáyóòdù, tó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo fún iná: ó lè wọlé, kò lè padà. Nígbà tí ìsàlẹ̀ bá ti lọ, ìwọ̀n àárín kì í ṣe òdo mọ́, ó sì ń ga, ó ń kúrú, bí ìfé ṣe ń ṣe.

Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́yìn dáyóòdù kì í ṣe ohùn tó dán. Òkè kékeré kékeré ni, tó tò tẹ̀ léra wọn, mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àlàfo sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kapásítọ̀ kékeré ló ń dí àlàfo yẹn. Ẹ rò ó bíi dúrọ́ọ̀mù omi. Ẹnì kan ń da omi sí i léraléra, àmọ́ kò lè da omi sí i àyàfi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ga ju ibi tí omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù lọ. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ga sí i, omi á máa ga tẹ̀ lé e. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wálẹ̀ ńkọ́? Omi inú dúrọ́ọ̀mù máa dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni, torí kò síbi tó máa gbà jáde. Ọ̀nà àbáwọlé nìkan ló wà. Tí a bá fẹ́ kí omi náà sọ̀ kalẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, a gbọ́dọ̀ lu ihò sí ìdí dúrọ́ọ̀mù náà.

Résístọ̀ ni ihò yẹn. A máa so ó mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kapásítọ̀, kí iná tó ti wọlé lè máa jò jáde díẹ̀díẹ̀.

Ó wá kù ká mọ bí ihò náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ká lo résístọ̀ 47k àti kapásítọ̀ tí wọ́n kọ 471 sí lára. 471 túmọ̀ sí 47 tí òdo kan tẹ̀ lé, ìyẹn píkòfárádì 470. Tí ẹ bá fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì, àkókò ni ẹ máa rí:

```
47,000 × 0.00000000047 = 0.000022
```

Ìyẹn ìdá 22 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó má baà gùn jù, ẹ jẹ́ ká pe ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ní máíkírò. Máíkírò 22 nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí ẹnikẹ́ni ò bá da nǹkan kan sínú kapásítọ̀ náà mọ́, lẹ́yìn máíkírò 22, ohun tó kù nínú rẹ̀ máa jẹ́ díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi wé ìgbì méjèèjì tí a ní. Ìgbì aláàárù máa ń padà dé ní máíkírò kan kan. Láàárín máíkírò kan, kapásítọ̀ wa kò ní pàdánù ju nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà àlàfo ti dí. Ìfé wa ní tirẹ̀ máa ń lo máíkírò 1,000 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń lo máíkírò 500 láti sọ̀ kalẹ̀ láti 1.8 sí 0.2. Kapásítọ̀ tó lè dà nù láàárín máíkírò 22 máa tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́.

Wàyí o, ká ní ẹ ò rí 471 rà, tí ẹni tó ń tajà wá fún yín ní 104, torí òun ló pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀. 104 fi díẹ̀ lé ní ìlọ́po 200 tóbi ju 471 lọ. Àkókò wa ti di máíkírò 4,700. Láàárín máíkírò 500 tí ìfé fi ń sọ̀ kalẹ̀ sí 0.2, kapásítọ̀ yìí ò tíì sọ̀ kalẹ̀ kọjá 1.62. Kó tó ṣe ohunkóhun, ìfé ti tún gòkè padà wá bá a. Ìlà orí ń ṣe òkè àti àfonífojì, kapásítọ̀ yín ń fo láti orí òkè kan sí èkejì láì dé ìsàlẹ̀ rárá. Ohùn tó máa jáde á kéré, á sì dàrú, ní pàtàkì níbi tí ohùn bá ti tín-ín-rín. Ẹ ò ní gbọ́ ìró sì àti ṣì dáadáa mọ́, ó máa dà bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Tí kapásítọ̀ bá sì kéré jù ńkọ́? Ìyẹn ò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó máa jò tán kí ìgbì tó kàn tó dé, ohùn á ṣì wà, àmọ́ kò ní lágbára tó bó ṣe yẹ.

Tí kò bá wá sí résístọ̀ rárá? Ihò ò sí. Kapásítọ̀ á gùn dé 1.8, á jókòó síbẹ̀. Dáyóòdù á tilẹ̀kùn, torí ohun tó wà níta ò ga ju ohun tó wà nínú lọ mọ́. Ilé-iṣẹ́ rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ, kóìlì yín ń gbà á, àmọ́ íápíìsì ò rí àyípadà kankan.

Ẹ máa bi mí pé, ṣé gbogbo àwọn tó ya àwòrán yẹn ò mọ̀ ni? Wọ́n mọ̀. Àwòrán wọn ti pẹ́ ni. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ní Anzio lórílẹ̀-èdè Ítálì lọ́dún 1944, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń fi abẹ ìfárí àti ẹ̀dú inú pẹ́ńsù ṣe dáyóòdù nínú kòtò tí wọ́n sá pamọ́ sí, wọ́n sì ń gbọ́ rédíò. Kò sí résístọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi sétí ni hẹdifóònù àtijọ́, èyí tó ní wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká lọ́pọ̀ ìgbà sára mágínẹ́ẹ̀tì. Iná lè gba inú wáyà yẹn kọjá. Hẹdifóònù náà ni etí wọn, òun náà ni résístọ̀ wọn. Lónìí, íápíìsì kírísítà tí wọ́n ń tà fún rédíò yìí kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ nínú. Kírísítà tàbí sẹ́rámíìkì pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀, tó wà láàárín irin méjì, iná tààrà ò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n pààrọ̀ íápíìsì, wọ́n fi àwòrán sílẹ̀ bó ṣe wà.

(Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa mẹ́nu kan asọ̀rọ̀mágbèsì àwọn bàbá wa. Àpótí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fà wọ ilé àwọn èèyàn ní Èkó láti ọdún 1935 kò nílò dáyóòdù kankan, torí ohùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú wáyà. Kò sí ìgbì aláàárù tí wọ́n máa sọ ẹrù lórí rẹ̀.)

Àbúrò mi kan tó wà ní ilé-ìwé girama gbé tirẹ̀ wá bá mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ó ti ká kóìlì rẹ̀ dáadáa, eríà rẹ̀ gùn, ó sì ti fi rédíò gidi wò ó pé ilé-iṣẹ́ kan ń wọlé ketekete lórí AM ládùúgbò wọn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so íápíìsì mọ́ ọn, mo máa ń gbọ́ 'kà!', tó bá yá gbogbo ẹ̀ á dákẹ́, á kàn máa ha bíi kòkòrò." Mi ò tiẹ̀ nílò láti wo inú rẹ̀. "Kà" yẹn ni kapásítọ̀ tó ń kún. Mo ní kó tẹ ìka méjì tó lómi díẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ íápíìsì méjèèjì. Ohùn ọkùnrin kan tó ń ka ìròyìn jáde lójú ẹsẹ̀. Ó gbé ìka kúrò, ó tún dákẹ́. Awọ ara èèyàn pàápàá lè ṣe résístọ̀ tó bá lómi. Ẹ̀yin náà lè fi dán an wò, kò sí iná tó lè ṣe yín ní nǹkan nínú rédíò tí kò ní bátìrì, bí ẹ ò bá ṣáà ti lò ó nígbà tí òjò àti mànàmáná bá ń bọ̀. A so 47k mọ́ ọn, ó di rédíò.

Àwọn kan máa sọ pé tàwọn ń ṣiṣẹ́ láìsí résístọ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, mo sì lè sọ ìdí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí dáyóòdù wọn jẹ́ ti jẹmáníọ̀mù, bíi 1N34A. Dáyóòdù jẹmáníọ̀mù kì í tilẹ̀kùn pa pátápátá; iná díẹ̀ máa ń jò gba ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Àbùkù yẹn gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ résístọ̀ fún wọn. Ohun tó máa wá yani lẹ́nu ni pé tí wọ́n bá yọ ọ́, tí wọ́n fi dáyóòdù tó "dára jù" sí i, èyí tí kò jò, rédíò wọn máa burú sí i. Ẹni tí kò mọ̀ nípa ihò ìdí dúrọ́ọ̀mù á sọ pé dáyóòdù tuntun náà ò dára.

Ti dáyóòdù fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni 1N4007, torí gbogbo ṣájà ló wà. Ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí. Iná NEPA tó ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ṣe é fún, kì í sì í tètè tilẹ̀kùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sílíkọ̀nù ni, ó fẹ́ rí nǹkan bíi fólítì 0.6 kó tó ṣílẹ̀kùn dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó ń wá láti inú kóìlì wa lè má tó ìdá mẹ́wàá fólítì kan. Fólítì 1 tí mo fi ṣe ìṣirò lókè, kí iṣẹ́ náà lè rọrùn ni. Jẹmáníọ̀mù ń ṣílẹ̀kùn ní nǹkan bíi 0.2 tàbí 0.3. Tí ẹ bá ra 1N34A, ẹ fi mítà wò ó níbi àmì dáyóòdù: tó bá kọ 0.6, sílíkọ̀nù ni wọ́n tà fún yín, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sí i. Ohun kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: nígbà tí ìgbì bá kéré gan-an, ohùn tó ń jáde kì í dín kù bí ìgbì ṣe dín kù. Tí ìgbì bá di ìdajì, ohùn máa di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí mítà díẹ̀ sí i lórí eríà fi lè mú ìyàtọ̀ ńlá wá, tí ilé-iṣẹ́ tó ń wọlé fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lórí rédíò gidi kò sì ní wọlé rárá lórí tiwa.

Padà sórí résístọ̀ wa. 47k kì í ṣe òfin. Ẹ rántí pé íápíìsì náà, irin méjì tó kojú síra wọn, kapásítọ̀ ni òun náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti sẹ́rámíìkì sì ju 471 lọ fíìfíì. Ihò kan náà ló ń da omi dúrọ́ọ̀mù méjèèjì nù. Nítorí náà, tí ohùn bá ń jáde bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, ẹ kọ́kọ́ yọ 471 kúrò, ẹ jẹ́ kí íápíìsì dá ṣe iṣẹ́ náà. Tó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi 22k tàbí 10k rọ́pò 47k. Ẹ má ṣe kọjá ibẹ̀ lọ sí 1k, torí iná tí résístọ̀ ń dà nù, láti inú kóìlì ló ti ń wá. Bí ihò bá tóbi jù, kóìlì á rẹ̀, kò ní lè ya ilé-iṣẹ́ rédíò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ẹ ó sì máa gbọ́ wàásù àti bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ ámpílífáyà ló kù, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín máa fẹ́ gbọ́ ọ jáde lórí sípíkà kọ̀ǹpútà. Ẹ̀nu àbáwọlé irú sípíkà bẹ́ẹ̀ máa ń ní kapásítọ̀ ìsopọ̀ kan àti résístọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ká ní 10k. Kapásítọ̀ ìsopọ̀ yẹn tóbi, ó máa ń gba ìwọ̀n àárín pamọ́, ìyẹn fólítì 1 nínú àpẹẹrẹ wa. Nígbà tí ìlà orí bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí 0.2, kapásítọ̀ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ti iná padà gba inú 10k wá sórí 47k wa. Ìṣirò rẹ̀ ni 47 nínú 57: kò ní jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ kọjá fólítì 0.82. Gbogbo ohun tó wà láàárín 0.82 àti 0.2 á gé dànù, ohùn á máa fọ́ níbi tó bá ti ga. Ọ̀pọ̀ á sọ pé sípíkà ni kò dára, wọ́n á lọ ra òmíràn. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi tíráńsísítọ̀ FET kan, bíi 2N3819, sáàárín, kí ẹ sì fi résístọ̀ 1M sí ẹnu àbáwọlé rẹ̀ dípò 10k yẹn. Ìṣirò yẹn á wá di 47 nínú 1,047, ìlà orí á sì lè sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 0.05 láìsí ohun tó dí i lọ́wọ́. Òun náà máa nílò bátìrì, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ti FET àti sípíkà nìyẹn. Dáyóòdù, kapásítọ̀ àti résístọ̀ wa ṣì ń ṣe tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́.